Òjìji inú rẹ́ńdà mi ò bá ti ilé gangan mu: fàráńdà tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn n'Íbàdàn

Dèjì_Ayàwòrán

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Ilé àtijọ́ kan ni mò ń tún yà ní Bódìjà, fàráńdà rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn gan-an, ó jìn tó mítà 2.4, láti ilẹ̀ dé sílíìnì jẹ́ mítà 3. Kọ́sítọ́mà fẹ́ ká fi búlọ́ọ̀kù oníhò àti pákó lúfà dí iwájú rẹ̀. Kí n tó fi nǹkan kan dí i, mo kọ́kọ́ rẹ́ńdà ilé náà bó ṣe wà nínú Blender, December 21, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ògiri inú fàráńdà wà nínú òjìji látòkè délẹ̀. Kọ́sítọ́mà wá fi fọ́tò tó yà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ní aago mẹ́rin, ránṣẹ́ sí mi, oòrùn wọlé kedere, ó bo ìsàlẹ̀ ògiri tó bíi mítà kan. Ibo ni mo ti ṣì í?

Lánre_Lọ́ńdọ̀nù

Dèjì, fọ́tò yẹn ni kó o yẹ̀ wò. Lọ́dọ̀ wa níbẹ̀ yẹn orí ni oòrùn máa ń wà, kì í ṣe bíi ti ọ̀dọ̀ wa níbí tó máa ń rá pálá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, torí náà fàráńdà tó jìn tó mítà 2.4 ó yẹ kó lè bo ògiri rẹ̀. Àbí aago fóònù ẹni yẹn ò péye. Ohun kejì, mú `Angle` oòrùn rẹ tóbi, tèmi máa ń wà lórí 3°, òjìji á rọ̀, kò ní hàn tó bẹ́ẹ̀ pé ó yàtọ̀.

Kúnlé_3D

Mo ti kó sí irú wàhálà yìí rí nínú SketchUp. Mi ò mọ̀ pé fáìlì mi ṣì wà ní Boulder lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ibi tí sọ́fíwíà yẹn máa ń gbé gbogbo fáìlì tuntun sí, UTC-07:00 ló wà lójú ẹ̀. Odindi ẹ̀sítéètì kan ní Lẹ́kí ni mo fi oòrùn Boulder rẹ́ńdà, kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi ìgbà tí ẹnì kan béèrè ìdí tí òjìji ọ̀sán fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Lọ wo ibi tí o gbé ilé rẹ sí.

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Dèjì, má tíì fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ rárá, má sì tíì sọ pé fọ́tò ló ń parọ́. Ṣí Sun Position kó o ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wa: `Latitude`, `Longitude`, `UTC Zone`, `North Offset`, àti bóyá wọ́n tẹ `Daylight Savings` tàbí wọn ò tẹ̀ ẹ́.

Dèjì_Ayàwòrán

Ẹ kú iṣẹ́ mà. 7.4, 3.9, zone 1, North Offset 0, mo fi kọ́ńpáàsì yẹ ilé yẹn wò fúnra mi. `Daylight Savings`… ó wà ní títẹ̀ mà. Témpíléètì tí mo gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mi ò wo ibẹ̀ rí.

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Ó ti tán nìyẹn. Nàìjíríà kì í sún aago síwájú sẹ́yìn. Bí o ṣe tẹ ìyẹn, o kọ aago mẹ́rin, Blender yọ wákàtí kan kúrò, oòrùn aago mẹ́ta ló gbé fún ẹ. Lójú ìwọ̀ oòrùn, wákàtí kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní aago mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn oòrùn ṣì ga tó dígírì 44, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù dáadáa, òjìji etí òrùlé rẹ wá sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri tó mítà 3.2, ògiri ọ̀hún ò ju mítà 3 lọ, kò lè ṣàì bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Tó bá di aago mẹ́rin, oòrùn ti wálẹ̀ sí bíi dígírì 33, ó sì ti ń kọjú sí ògiri yẹn sí i, òjìji ò ju mítà 1.86 lọ mọ́, oòrùn á gba mítà 1.14 tó kù nísàlẹ̀. Tó bá fi máa di aago márùn-ún, òjìji ò tó mítà kan mọ́, gbogbo ìyókù ti di ti oòrùn.

Èyí ni mo fi ń ṣírò rẹ̀ kí n tó gba rẹ́ńdà kankan gbọ́:

```python
from math import *
lat, dec = radians(7.4), radians(-23.44)
H = radians(15 * (15.3 - 12))
alt = asin(sin(lat)*sin(dec) + cos(lat)*cos(dec)*cos(H))
az = pi + atan2(sin(H), cos(H)*sin(lat) - tan(dec)*cos(lat))
vsa = atan(tan(alt) / cos(az - radians(270)))
print(degrees(alt), degrees(az), 2.4 * tan(vsa))
```

15.3 yẹn ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Aago mẹ́rin la ní, kí ló dé tí mi ò kọ 16? Torí aago ọwọ́ wa kì í ṣe aago oòrùn Ìbàdàn. Ìlà dígírì 15 ní ìlà oòrùn ni wọ́n fi ṣètò aago orílẹ̀-èdè wa, Ìbàdàn sì wà ní 3.9, dígírì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, oòrùn wá fi bíi ìṣẹ́jú 44 rẹ̀yìn sí aago wa. Ní ìparí December ìṣẹ́jú méjì ń kúrò nínú ẹ̀, ó di 42. Torí náà nígbà tí fóònù kọ́sítọ́mà rẹ sọ pé aago mẹ́rin, oòrùn ṣì wà ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 18. 270 tó wà níbẹ̀ ni ibi tí ògiri rẹ kọjú sí, 2.4 ni jíjìn fàráńdà. Ẹni tí ilé tiẹ̀ bá yí díẹ̀, kó pa 270 rẹ́ kó kọ tiẹ̀.

Lánre_Lọ́ńdọ̀nù

Àǹtí Ṣadé, ẹ má bínú, mo ti gbọ́ ti aago, àmọ́ ti pé orí ni oòrùn máa ń wà yẹn, ṣé irọ́ ni?

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Kì í ṣe irọ́, ìdajì òótọ́ ni. N'Íbàdàn oòrùn máa ń dé àtàrí gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù April àti ìbẹ̀rẹ̀ September, ìyẹn náà kì í ju ọ̀sán gangan lọ. Láàárín ìgbà méjèèjì yẹn ọ̀dọ̀ àríwá ló ń gbà kọjá, ohun tó mú kí ògiri àríwá rí oòrùn nínú June nìyẹn, tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Yúróòpù máa ń yà á bíi pé oòrùn ò lè débẹ̀ láéláé. Àmọ́ ti àríwá rọrùn, nínú June oòrùn ọ̀sán ga tó dígírì 74, etí òrùlé tó yọ síta ní sẹ̀ǹtí 90 péré ti bo mítà 3. Gúúsù náà ò le, dígírì 59 ni ọ̀sán December, fàráńdà Dèjì ì bá bò ó láìkù síbì kan. Ìlà oòrùn láàárọ̀ àti ìwọ̀ oòrùn nírọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ wà, torí níbẹ̀ kò sí bí ilé ṣe lè sá fún oòrùn tó ti rẹlẹ̀, yálà n'Íbàdàn ni o tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Mọ́mì_Tọ́lá

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ yín yìí kàn mí, ìwọ̀ oòrùn ni ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí l'Óṣogbo, ankara tí mo bá fi kọ́ síwájú á ti ṣá kí oṣù tó parí, láti aago mẹ́rin lọ a ò lè jókòó síbẹ̀. Ẹni tó ń bá mi kan páànù ní ká fa òrùlé síwájú ní mítà kan sí i. Mítà kan àtààbọ̀ ló yọ síta tẹ́lẹ̀. Ṣé á tó?

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Màámi, rẹ́ńdà là ń sọ níbí, ìyẹn àwòrán ilé orí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ìṣírò kan náà ni, Òṣogbo ò sì jìnnà sí Ìbàdàn. Kò ní tó. Kí òrùlé nìkan tó lè bo ògiri tó ga ní mítà 3 ní aago márùn-ún December, ó gbọ́dọ̀ yọ síta ju mítà 7 lọ. Owó páànù lásán ni. Ohun tó dúró gbọọrọ níwájú lẹ nílò, búlọ́ọ̀kù oníhò, pákó tí wọ́n tò lóòró, tàbí kẹ̀ kẹ́ fi ẹní tó nípọn sọ̀ sílẹ̀ láti etí òrùlé nírọ̀lẹ́ kẹ́ sì ká a sókè tí oòrùn bá wọ̀.

Mọ́mì_Tọ́lá

Ẹ ṣé gan-an ni mà. Ẹní ni màá kọ́kọ́ fi wò ó.

Dèjì_Ayàwòrán

Mo yọ `Daylight Savings`, mo tún un rẹ́ńdà. Oòrùn ti wọlé! Mítà 1.14 bí ẹ ṣe wí. Àmọ́ mo ní kí kọ́sítọ́mà fi téèpù wọn ilẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé nínú fọ́tò, ó ní 1.05. Sẹ̀ǹtí 9 ló ṣẹ́ kù, ṣé kí n fi sílẹ̀?

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Má fi sílẹ̀. Pákó fáṣíà etí òrùlé yẹn, ṣé ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá sílíìnì?

Dèjì_Ayàwòrán

Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó sọ̀ tó sẹ̀ǹtí 10. Mi ò yà á sínú mọ́dẹ́lì.

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Etí tó rẹlẹ̀ jù tó sì yọ síta jù ló máa ń ju òjìji, kì í ṣe sílíìnì. Ya fáṣíà yẹn, ìmọ́lẹ̀ á dúró ní 1.04. Sẹ̀ǹtí kan tó kù, má wulẹ̀ lé e, torí ní aago mẹ́rin yẹn etí òjìji ń rìn ní bíi sẹ̀ǹtí méjì ní ìṣẹ́jú kan, tí kọ́sítọ́mà bá fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú pẹ́ kó tó tẹ fóònù, o ti rí sẹ̀ǹtí kan rẹ níbẹ̀.

Dèjì_Ayàwòrán

Ó bọ́ sí i! Ó wá ku búlọ́ọ̀kù oníhò. Pèpéle pẹlẹbẹ kan ni mo gbé síwájú fàráńdà, mo fi tẹ́ṣọ̀ oníhò sí i, ihò rẹ̀ sẹ̀ǹtí 15 sí 15. Òjìji rẹ̀ dára lójú, ó kún ògiri bíi lésì, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí báyìí pé irọ́ lòun náà.

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Irọ́ ni, Dèjì, irọ́ tó dùn-ún wò sì ni. Pèpéle yẹn ò nípọn. Báwo ni búlọ́ọ̀kù gidi yẹn ṣe nípọn tó?

Dèjì_Ayàwòrán

Sẹ̀ǹtí 10 mà.

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Wá jẹ́ ká wọ inú ihò kan ṣoṣo. Ní aago mẹ́rin yẹn oòrùn ò wọ ihò náà gbọọrọ, láti òkè ló ti ń bọ̀, tó sì tún ń wá láti apá òsì ẹni tó dúró nínú fàráńdà tó kọjú síta. Bó ṣe ń kọjá nínú sẹ̀ǹtí 10 yẹn, ògiri ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gé bíi sẹ̀ǹtí 6.8 kúrò nínú fífẹ̀ rẹ̀, orí ihò gé 7.7 kúrò nínú gíga rẹ̀. Ohun tó bọ́ sórí ògiri inú jẹ́ igun mẹ́rin kékeré tó fẹ̀ ní 8.2 tó ga ní 7.3. Fi wé 15 sí 15 tí tẹ́ṣọ̀ rẹ ń jẹ́ kó kọjá, ìmọ́lẹ̀ gidi ò ju bíi ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ. O ti ń fi oòrùn tó ìlọ́po mẹ́rin han kọ́sítọ́mà, tí wọ́n bá wá kọ́ ọ tán, fàráńdà á ṣókùnkùn ju bó ṣe rò lọ, á ní o tan òun jẹ.

Bí wàá ṣe dá a mọ̀ nínú rẹ́ńdà ẹlòmíì: tí àmì ìmọ́lẹ̀ orí ògiri bá tóbi tó ihò gan-an nírọ̀lẹ́, tẹ́ṣọ̀ ni wọ́n lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn, ẹ lọ dúró sí láíbúrẹ́rì Kenneth Dike ní Yunifásítì, iṣẹ́ Maxwell Fry àti Jane Drew, kẹ́ ẹ wo bí kọnkéré oníhò ibẹ̀ ṣe nípọn. Ibi ìpọn yẹn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ń kú sí, ẹ̀gbẹ́ kan ihò á máa tàn, ẹ̀gbẹ́ kejì á dúdú. Tẹ́ṣọ̀ ò lè ṣe ìyẹn.

Kúnlé_3D

Ṣùgbọ́n Àǹtí, tó bá ya búlọ́ọ̀kù gidi fún odindi fàráńdà, ẹ̀rọ á daku.

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Kò ní daku. Kó ya ẹyọ kan dáadáa, kó wá fi `Alt+D` pọ̀ ọ́n, kì í ṣe `Shift+D`. Ẹyọ kan náà ni Blender á máa rántí, ibi tó wà ló kàn ń yí padà.

Káfíńtà_Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ọ̀gá. Èmi kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà, àwọn lúfà onípákó yìí ni mo máa ń kàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwọn àwòrán tí wọ́n ń gbé wá bá mi, òjìji pákó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń hàn lára ògiri bíi ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí níbi tí mo kàn án sí. Èyí tó sún mọ́ ògiri máa ń hàn, àmọ́ tó bá wà níwájú fàráńdà tó jìn, eérú eérú báyìí ni. Ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ẹ mú un sún mọ́ ògiri nínú oòrùn, òjìji rẹ̀ á dúdú. Ẹ wá máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kó tó jìnnà tó apá ẹ̀yin náà á máa wá òjìji rẹ̀ kiri.

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ ṣeun. Ìyẹn gan-an ni. Oòrùn kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́, ó fẹ̀ tó ààbọ̀ dígírì lójú ọ̀run, torí náà etí òjìji ń fẹ̀ ní bíi mílímítà 9 fún mítà kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ bá rìn. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tó jẹ́ mílímítà 2, dúdú àárín òjìji rẹ̀ ti tán ní bíi sẹ̀ǹtí 20. Nínú fàráńdà Dèjì, ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, mítà 3.4 ló ń rìn láti iwájú dé ògiri, etí òjìji á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtí 3. Pákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtí 2 ò lè ní àárín tó dúdú rárá níbẹ̀. Èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtí 10 á ṣe ilà tó hàn, etí rẹ̀ á kàn rọ̀.

Dèjì, báwo ni pákó tìrẹ ṣe fẹ̀ tó?

Dèjì_Ayàwòrán

Sẹ̀ǹtí 2.5 mà, ó sì ń yọ ilà gbọọrọ tó mú bíi abẹ. `Angle` oòrùn mi wà ní 0.

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Fi sí 0.526°, kó o sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Lánre, 3° tìẹ yẹn fẹ̀ tó oòrùn mẹ́fà tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní mítà 3.4, etí òjìji á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtí 18, àmì búlọ́ọ̀kù oníhò á yọ́ mọ́ra wọn pátá.

Lánre_Lọ́ńdọ̀nù

Mo gbà fún yín lórí ìyẹn, mo ti dá a padà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ohun kan. December la ń sọ, ọyẹ́ sì ń bẹ nígbà yẹn. Mo dàgbà n'Íbàdàn, mo rántí pé tí ọyẹ́ bá mú, oòrùn máa ń rí bíi àwo funfun nínú eruku, òjìji ilé kì í dúdú. Kí lẹ máa wá fi ṣe ìyẹn tí kì í bá ṣe `Angle`?

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè gidi nìyí. Èmi máa ń gbé ìwọ̀n eruku sókè nínú Sky Texture, màá wá dín agbára oòrùn kù, òjìji á fúyẹ́ torí ojú ọ̀run ń tan ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sínú rẹ̀, àmọ́ etí rẹ̀ ò ní yí. Lójú tèmi, ọyẹ́ ń fọ òjìji ni, kì í fẹ etí rẹ̀ lójú.

Lánre_Lọ́ńdọ̀nù

Àmọ́ eruku yẹn máa ń mú kí ayíká oòrùn náà tàn yòò, kì í ṣe àwo oòrùn nìkan ló ń tàn mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó yí i ká yẹn gbọ́dọ̀ mú etí òjìji rọ̀ díẹ̀. Mi ò sọ 3° mọ́, bóyá 1°.

Káfíńtà_Ọ̀yọ́

Èmi ò mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Lúfà kan wà tí mo kàn síwájú fàráńdà ilé kan l'Ọ́yọ̀ọ́, pákó rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtí 7, mítà 2 ló fi jìnnà sí ògiri. Tí ọyẹ́ bá dé màá ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ àti lọ́jọ́ tí eruku pọ̀, aago kan náà, màá gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òjìji.

Ṣadé_Àkítẹ́ẹ̀tì

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa ṣe é, ẹ má lo filtà kankan lórí fóònù. Ẹ tún bá wa wo kọ́ńpáàsì kẹ́ ẹ sọ ibi tí ògiri yẹn kọjú sí.

Dèjì_Ayàwòrán

Mo ti ya búlọ́ọ̀kù náà ní sẹ̀ǹtí 10, mo `Alt+D` gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ ò daku. Àmì ìmọ́lẹ̀ ti kéré, inú fàráńdà ti ṣókùnkùn sí i lóòótọ́. Ilà pákó sẹ̀ǹtí 2.5 ti di eérú bí ọ̀gá Káfíńtà ṣe wí. Mo fi han kọ́sítọ́mà pẹ̀lú fọ́tò tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ihò bá di sẹ̀ǹtí 20, torí ìyá òun máa ń jókòó níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ka Bíbélì. Mò ń rẹ́ńdà rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, aago mẹ́rin àti aago márùn-ún.